Èérún àti Eruku Tó Ń Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Tí A Bá Gé Àwòrán Jáde: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà, bánà àti ìwé ìpè ní Òṣogbo ló máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí léraléra, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti nígbà tí iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ. A kó wọn jọ síbí kí oníkálukú lè wá èyí tó kàn án. GIMP la fi ṣàlàyé nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n a dá àwọn tó ń lo Photoshop lóhùn lọ́tọ̀.

Kí ni èérún tí ẹ ń sọ yìí, ibo ló sì ti ń wá?

Tí ẹ bá gé ènìyàn tàbí ọjà jáde kúrò nínú fọ́tò, ohun tí ẹ fẹ́ ni pé kí ẹni yẹn nìkan kù, kí gbogbo ẹ̀yìn àwòrán sì di òfìfo. Àmọ́ ẹ̀yìn àwòrán kì í lọ tán. Àwọn píksẹ́lì kan á ṣẹ́kù káàkiri, ẹyọ kan níhìn-ín, mẹ́ta mẹ́rin lọ́hùn-ún. Àwọn la ń pè ní èérún.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́kù ni pé irinṣẹ́ tó ń fi àwọ̀ yan nǹkan, irú bíi `Fuzzy Select`, àwọ̀ tó jọra ló ń kó. Ògiri tí ojú wa rí ní funfun kò funfun dọ́gba lójú kámẹ́rà. Eruku tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ihò ìṣó, àbàwọ́n ọ̀dà, gbogbo wọn ní àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ògiri, irinṣẹ́ náà á sì fò wọ́n. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún fọ́tò àtijọ́ tí a fi síkánà kó: eruku tó wà lórí gíláàsì síkánà á bá fọ́tò wọlé. Fọ́tò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ tún máa ń mú tirẹ̀ wá, torí pé bó ṣe ń fún fáìlì náà kéré máa ń da píksẹ́lì rú ní etí aṣọ àti etí orí. Tí ẹ bá lè rí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, ẹ ní kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi `Document`.

Mi ò rí èérún kankan lójú kọ̀ǹpútà mi. Ṣé dandan ni kó wà níbẹ̀?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Ìdí tí ẹ ò fi rí i ni pé àpẹẹrẹ onígun mẹ́rin aláwọ̀ eérú tí GIMP fi ń ṣàfihàn òfìfo máa ń gbé èérún mì. Ẹ ṣí léyà tuntun kan, ẹ gbé e sí abẹ́ ẹni tí ẹ gé, kí ẹ sì da àwọ̀ pupa tó le tàbí àwọ̀ ewé tó ń tàn sí i. Èérún funfun á yọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa àwọ̀ yẹn dà sí dúdú, èérún tí pupa bò á tún yọ.

Àwọn mìíràn fúyẹ́ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfìfo tán. Ìlà tó ń rìn yí àṣàyàn ká kì í fi irú wọn hàn, torí pé ibi tí a bá yàn dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ló máa ń yí ká. Ìlà náà lè má yí wọn ká kí wọ́n sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Orí bánà ni wọ́n ti máa ń dójú tini. Fọ́tò tó ga ní píksẹ́lì 3000, tí wọ́n tẹ̀ sórí bánà ẹsẹ̀ bàtà 6, yóò fún wa ní bíi píksẹ́lì 42 nínú ínǹṣì kan. Èérún tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 4 á wá fẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ lórí bánà, ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ á sì rí i.

Báwo ni sísún àṣàyàn wọlé ṣe ń pa èérún rẹ́?

Ẹ máa fi iṣu ṣe é lójú inú. Tí ẹ bá bó iṣu ńlá kan tí èèpo rẹ̀ nípọn tó ìka kan, iṣu á ṣì kù rẹpẹtẹ. Tí ẹ bá bó ọmọ iṣu kékeré bẹ́ẹ̀, kò ní ku nǹkan kan sọ́wọ́ yín.

Ohun tí `Shrink` ń ṣe gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá ní kó sún àṣàyàn wọlé ní píksẹ́lì 3, á jẹ 3 kúrò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tí a yàn. Ara ènìyàn tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1200 á di 1194. Èérún tó fẹ̀ ní 5 á pòórá kúrò nínú àṣàyàn, torí pé 3 láti ọ̀tún àti 3 láti òsì ti ju 5 lọ. Lẹ́yìn èyí, tí a bá sún àṣàyàn náà jáde padà, ara ènìyàn nìkan ló ní nǹkan tó lè hù padà. Èérún kò sí níbẹ̀ mọ́ láti hù.

Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì pa nǹkan kan rẹ́ nínú àwòrán títí di ibí yìí. Inú àṣàyàn nìkan ni èérún ti kúrò. Ìgbà tí a bá yí àṣàyàn padà, tó di pé ìta ara la yàn, tí a wá tẹ `Delete`, ni èérún tó lọ ní tòótọ́.

Kí ni àwọn ìgbésẹ̀ náà ní GIMP?

Ẹ tẹ léyà ẹni tí ẹ gé, kó jẹ́ òun ló wà lọ́wọ́. Ẹ lọ sí `Layer > Transparency > Alpha to Selection`. Èyí á yan gbogbo ohun tí kì í ṣe òfìfo, ara àti èérún pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí `Select > Remove Holes`, kó di gbogbo ihò tó wà nínú ara. Ẹ má fo èyí; a ó sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí léèsì.

Ẹ wá lọ sí `Select > Shrink`, ẹ kọ 3. Ẹ tún lọ sí `Select > Grow`, ẹ kọ 9. Ẹ tẹ Shift+Q kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ibi tí a kò yàn á pọ́n. Tí ibì kankan lára ẹni náà bá pọ́n, ibẹ̀ máa gé lọ, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Tí gbogbo ara bá mọ́, ẹ tẹ Shift+Q lẹ́ẹ̀kan sí i láti jáde, kí ẹ wá tẹ Ctrl+I láti yí àṣàyàn padà, kí ẹ sì tẹ Delete. Shift+Ctrl+A ló ń tú àṣàyàn ká nígbà tí ẹ bá parí.

Mélòó ni kí n fi sún un wọlé?

Ẹ wọn èérún tó tóbi jù nínú àwòrán yín. Ẹ sún mọ́ ọn dé 800%, ẹ ka píksẹ́lì rẹ̀ ní ibi tó tín-ín-rín jù, kí ẹ pín in sí méjì. Iye yẹn, tàbí iye tó tẹ̀ lé e tí kò bá pín dọ́gba, ni kí ẹ fi sún wọlé. Èérún tó fẹ̀ ní 6 fẹ́ 3. Èyí tó fẹ̀ ní 7 fẹ́ 4.

Tí ẹyọ kan tàbí méjì bá tóbi ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, ẹ má torí wọn kọ 15. Ẹ fi írésà nu àwọn yẹn, kí ẹ jẹ́ kí iye kékeré ṣiṣẹ́ lórí àwọn tó kù. Bí iye náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tín-ín-rín tó wà lára ènìyàn, irú bíi okùn ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí tàbí ṣóńṣó gèlè, ṣe ń wọnú ewu.

Kí ló dé tí ẹ fi ní ká sún un jáde ju iye tí a sún wọlé lọ? Ibòmíràn ní kí méjèèjì dọ́gba.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Tí ẹ bá sún wọlé ní 3, tí ẹ sì sún jáde ní 3, ibi tó tẹ́jú á padà sí ààyè rẹ̀. Ṣóńṣó kò ní padà. Àṣàyàn máa ń jáde ní rìbìtì, nítorí náà igun aṣọ, orí filà abetí ajá àti ìka ọwọ́ á di kùǹdù. Ohun tó bá tín-ín-rín ju píksẹ́lì 6 lọ á ti lọ pátápátá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ Delete, gbogbo ìwọ̀nyí á gé kúrò lára àwòrán, etí aṣọ pàápàá á yí padà díẹ̀.

Tí ẹ bá sún un jáde ní 9, àṣàyàn á kọjá etí ara ní píksẹ́lì 6 yíká. Etí tí ẹ fi wàhálà gé kò ní rí ọ̀bẹ rárá. Ìta ni piparẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé èérún nìkan ló wà. Ìlọ́po mẹ́ta la máa ń lò, torí pé ó máa ń tó láti bo ṣóńṣó tó mú níwọ̀nba. Tí ṣóńṣó bá mú bí abẹ́rẹ́, ìlọ́po mẹ́ta náà lè má tó. Pípọ́n tí Shift+Q ń fi hàn ló máa sọ fún yín.

Ohun kan ni a fi san èyí o: èérún tó bá wà láàárín píksẹ́lì 6 sí ara kò ní lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n, wọ́n sì wà lójú kan, írésà kékeré á nu wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó sàn ká fọwọ́ nu mẹ́wàá ju ká gé etí filà oníbàárà lọ.

Photoshop ni mò ń lò. Ibo ni mo ti máa rí gbogbo èyí?

Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ àwòrán kékeré tó wà lórí léyà náà. Ìyẹn ló dípò `Alpha to Selection`. Ẹ wá lọ sí `Select > Modify > Contract` láti sún wọlé, àti `Select > Modify > Expand` láti sún jáde. Shift+Ctrl+I ló ń yí àṣàyàn padà. Iye tí ẹ máa kọ kò yàtọ̀. Q nìkan ni ẹ máa tẹ láti rí pípọ́n.

Kò sí `Remove Holes` níbẹ̀. Tí aṣọ bá ní ihò, ẹ mú `Lasso`, ẹ di Shift mú, kí ẹ fa ìlà yí àárín aṣọ náà ká kó lè wọnú àṣàyàn kí ẹ tó sún un wọlé.

Mo tẹ Delete, àwọ̀ funfun ló bo gbogbo ẹ̀yìn dípò òfìfo.

Léyà yín kò ní `alpha`, ìyẹn ni pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfìfo. Ẹ tẹ Ctrl+Z, ẹ lọ sí `Layer > Transparency > Add Alpha Channel`, kí ẹ tún tẹ Delete. Fọ́tò JPEG ló máa ń ṣe báyìí. Tí ẹ bá sì parí, PNG ni kí ẹ gbé e jáde sí, torí JPEG kò lè gba òfìfo sínú.

Ẹ fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò bàbá àgbà kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi sí ojú kàlẹ́ńdà. Bàbá wọ agbádá aṣọ òkè, ó dé filà abetí ajá, ó sì mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ìta ilé nítòsí Ọjà Ọba ni wọ́n ti yà á, lójú ọyẹ́, ògiri tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò náà jẹ́ píksẹ́lì 3000 sí 4000. A fi `Fuzzy Select` kó ògiri kúrò. Nígbà tí a fi léyà pupa sí abẹ́, ṣe ni gbogbo òkè orí Bàbá kún fún èérún.

A wọn wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù fẹ̀ láti 2 dé 5, àwọn tó tóbi jù sì fẹ̀ ní 8. Nítorí náà a sún wọlé ní 4, a sì sún jáde ní 12. Etí ara á ní ààyè píksẹ́lì 8 yíká.

A tẹ Shift+Q. Agbádá mọ́. Etí filà méjèèjì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí wọn mú. Ká ní a sún wọlé ní 4, tí a sì sún jáde ní 4 péré ni, orí méjèèjì ì bá ti pọ́n. Ìrùkẹ̀rẹ̀ ni wàhálà. Ìdí rẹ̀, níbi tí irun ti ṣù pọ̀, kò ní ìṣòro. Àmọ́ irun tó fọ́n ká sí ìsàlẹ̀ tín-ín-rín tó píksẹ́lì 2 sí 3, ó sì gùn jáde tó 150. Sísún wọlé ti kó gbogbo wọn lọ, ààyè 8 kò sì lè bò wọ́n. Ibẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Tí a bá tẹ Delete báyẹn, ìrùkẹ̀rẹ̀ Bàbá á dà bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìdajì.

A jáde kúrò nínú pípọ́n, a mú `Free Select`, a di Shift mú kí ìlà tuntun lè kún èyí tó wà nílẹ̀, a sì fa ìlà yí gbogbo irun ìrùkẹ̀rẹ̀ ká, a tẹ Enter. A tún yẹ̀ ẹ́ wò: irun mọ́. Ctrl+I, Delete. Èérún òkè orí àti ti ẹ̀gbẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kù ni èérún tó wà láàárín irun ìrùkẹ̀rẹ̀, torí a fi ìlà yí wọn ká mọ́ irun, àti àwọn díẹ̀ tó fara mọ́ èjìká agbádá. Írésà oníwọ̀n 5 la fi nu ìwọ̀nyẹn, pẹ̀lú léyà pupa lábẹ́.

Tí àwọn ọmọ Bàbá bá gba kàlẹ́ńdà náà, ìrùkẹ̀rẹ̀ ni ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ sí. Oyè ló wà níbẹ̀. Kò sí èérún tó burú tó ìrùkẹ̀rẹ̀ tí a gé.

Aṣọ léèsì ni oníbàárà wọ̀. Mo sún wọlé, apá aṣọ náà sì lọ.

Ihò léèsì ló fa á. Tí àṣàyàn bá ń wọlé, ihò inú rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, torí pé etí ihò náà jẹ́ etí. Tí òwú tó wà láàárín ihò méjì bá tín-ín-rín ju píksẹ́lì 6 lọ, tí ẹ sì kọ 3, ihò méjèèjì á pàdé, òwú á sì pòórá. Léèsì tí ihò rẹ̀ bá pọ̀ lè lọ tán bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí `Remove Holes` fi ń ṣáájú `Shrink`. Ó ń di ihò inú àṣàyàn nìkan, kò kan àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí náà ihò léèsì á ṣì hàn bó ṣe wà. Ìyàtọ̀ tó ṣe ni pé aṣọ náà á jẹ́ odidi kan nígbà tí ẹ bá ń sún un wọlé. Ẹ ṣọ́ etí léèsì tí ihò rẹ̀ bá là sí ìta, bíi etí bùbá tó ní jọ̀wọ̀lọ̀: ihò tó là kì í ṣe ihò lójú GIMP, kò ní dí i. Ẹ fi `Free Select` kó irú ibẹ̀ mọ́ àṣàyàn.

Èérún tó wà láàárín apá àti ìhà kò lọ. Kí ló dé?

`Remove Holes` yìí náà ni. Tí ẹni náà bá fọwọ́ lé ìbàdí, ààyè tó wà láàárín apá àti ìhà jẹ́ ihò tí ara yí ká, GIMP á sì dí i bíi ti léèsì. Gbogbo èérún tó wà nínú rẹ̀ á wà lábẹ́ ààbò.

Ẹ parí ti ìta ná. Lẹ́yìn náà ẹ fi `Free Select` yí ààyè yẹn nìkan ká, kí ẹ má fi ìlà kan apá tàbí aṣọ, kí ẹ sì tẹ Delete. Kò nílò sísún kankan.

Èérún ti lọ, ṣùgbọ́n ìlà funfun kan ṣì yí ara ká. Ṣé kí n tún sún wọlé?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹ má pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìlà funfun yẹn jẹ́ ẹ̀yìn àwòrán tó pò mọ́ etí aṣọ. Níbí, ara etí gan-an la fẹ́ gé, nítorí náà a kì í sún jáde padà. Ẹ ṣe `Alpha to Selection`, ẹ sún wọlé ní 1, ẹ yí àṣàyàn padà, ẹ tẹ Delete. Tí ìlà náà bá ṣì hàn, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má kàn kọ 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí etí bá wá le jù, `Select > Feather` ní 1, kí ẹ tó yí àṣàyàn padà, á rọ̀ ọ́.

Tí fọ́tò náà bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gé e, tí ara ẹni náà kan ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ máàkì `Selected areas continue outside the image` nínú àpótí `Shrink`. Tí ẹ kò bá máàkì rẹ̀, á jẹ ìsàlẹ̀ ara náà pẹ̀lú, ìlà òfìfo kan á sì yọ níbẹ̀ tí ẹ bá gbé e lé bánà. Ní Photoshop, òdìkejì rẹ̀ ni: ẹ yọ máàkì kúrò ní `Apply effect at canvas bounds`.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré tí gbogbo rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 300 tàbí 400 kì í lè gba èyí. Píksẹ́lì 1 níbẹ̀ ti tó láti mú etí àti irun tín-ín-rín kúrò. Írésà rírọ̀ ni kí ẹ fi nu ìlà náà díẹ̀díẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń yà fún títà. Okùn rẹ̀ àti èérún tín-ín-rín bákan náà. Báwo ni sísún wọlé ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Kò lè mọ̀. Fífẹ̀ nìkan ni sísún wọlé ń wò. Okùn tó fẹ̀ ní 3 àti èérún tó fẹ̀ ní 3 jẹ́ nǹkan kan náà lójú rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé okùn so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, èérún sì dá wà. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tó ń wo ìsopọ̀.

Ẹ mú `Fuzzy Select`. Nínú àwọn ètò rẹ̀, ẹ sọ `Select by` di `Alpha`, ẹ gbé `Threshold` sí bíi 200, ẹ máàkì `Diagonal neighbors`, kí ẹ sì rí i pé `Sample merged` kò ní máàkì. Ẹ wá tẹ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Gbogbo ohun tó bá so mọ́ ọn, okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ tó kù, á wọnú àṣàyàn. Èérún tó dá wà á kù síta. Ẹ sún un jáde ní 3 kí etí rírọ̀ lè wọlé, ẹ yí i padà, ẹ tẹ Delete.

Tí okùn bá já ní ibì kan nínú àwòrán, tó jẹ́ pé gígé ti kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ló máa wọlé. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ apá kejì náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí gbogbo àwòrán sì wọnú àṣàyàn lápapọ̀, `Sample merged` ló ní máàkì: ó ń wo léyà aláwọ̀ tó wà lábẹ́ mọ́ ọn.

Ṣé mo lè ṣe é láìpa nǹkan kan rẹ́ pátápátá?

Ẹ lè ṣe é, ohun tí a sì máa ń gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà níyànjú nìyẹn. Lẹ́yìn `Grow`, ẹ má yí àṣàyàn padà, ẹ má sì tẹ Delete. Ẹ lọ sí `Layer > Mask > Add Layer Mask`, kí ẹ mú `Selection`. Máàskì á fi èérún pamọ́ láìpa á rẹ́. Tí oníbàárà bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé yẹtí ìyá òun dà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, ẹ kun orí máàskì náà níbẹ̀, yẹtí á yọ padà.

Àwọn olórìṣà tó wọ aṣọ funfun níwájú ògiri funfun ni mo yà lọ́dún Ọ̀ṣun. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn ègé ńlá ṣì kù níta, inú aṣọ sì ti lu.

Èérún kọ́ nìyẹn mọ́. Nígbà tí aṣọ àti ògiri bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, `Fuzzy Select` kì í mọ ibi tí aṣọ parí sí. Á wọnú aṣọ lọ, á sì fi òjìji ògiri sílẹ̀ ní ègé tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 40 tàbí 60. Iye tó lè gbé ègé 60 mì ni 30, 30 sì máa gbé ọwọ́, ìka àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mì pẹ̀lú.

Ẹ padà sí fọ́tò àkọ́kọ́, kí ẹ fi `Paths` fa etí aṣọ náà lọ́wọ́. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ẹni tí a bá fi `Paths` gé kì í ní èérún níta rárá, torí pé inú ìlà nìkan la mú. Tí wọ́n bá ya àwọn ènìyàn náà nínú igbó Ọ̀ṣun, níbi tí ewé wà lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: funfun á yàtọ̀ sí ewé, `Fuzzy Select` á ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba àárín ewé kọjá ló sì máa di èérún. Wọ́n máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, sísún wọlé ní 3 àti sísún jáde ní 9 sì máa ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí èérún kì í ṣe èérún?

Ó wà. Omi tó ta jáde nígbà tí wọ́n ń bu omi odò, ẹfun tó ń fò lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á, iná tó ń ta pàrà lágbẹ̀dẹ, owó bébà tó ń já bọ́ níbi ìnáwó. Gbogbo wọn dá wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kéré bíi èérún. Tí ẹ bá lo ọ̀nà yìí sí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bu omi á kù, omi tó ta á sì lọ.

Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹ ṣe ẹ̀dà léyà náà, ẹ sún wọlé ní 3, ẹ sún jáde ní 9 láti fọ ọ̀kan mọ́ pátápátá. Lórí ẹ̀dà kejì, ẹ fi `Free Select` yí omi tàbí iná náà nìkan ká, ẹ yí àṣàyàn padà, ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì gbé e lé orí ti àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba èérún ògiri tó bá wà láàárín omi, ẹ fi ojú yín wò ó: omi máa ń mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì máa ń gùn sí ọ̀nà tó ń lọ, eruku ògiri á jókòó rìbìtì, kò ní tàn.